Sí Tíṣà Súwébátù, Tó Tún Jẹ́ Ọmọ Mi

Ilé Ẹ̀rọ Ìlọta,
Ọ̀nà Ṣakí,
Tẹ̀dé.

Ìsìákà Àkànní, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. N kò mọ̀ bóyá orúkọ yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí "Alàgbà" ni o pè mí nínú lẹ́tà tí o kọ sí mi, o sì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí "Olùkọ́ Kíláàsì". Èmi náà kọ́kọ́ fẹ́ kọ "Tíṣà ọ̀wọ́n", ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Ọwọ́ tó gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sí mi lára kò lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ. Má bínú sí i.

Ara mi le. Ìyá rẹ wà dáadáa, ẹnjìnnì nìkan ló ń wúkọ́. Mo mọ̀ pé ara ìwọ náà le, torí pé ní Jímọ̀ tó ṣáájú lẹ́tà rẹ, ilé yìí ni o ti jẹun lẹ́yìn ìrun. O jẹ iyán, o tún béèrè bóyá ẹran ṣì kù nínú ìkòkò. O kí mi, o kí ìyá rẹ, o ní kí Súwébátù àbúrò rẹ bá ọ bu omi mímu wá. O kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọmọ yẹn kan náà tó bu omi fún ọ ló wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà sí mi, ó ní, "Tíṣà wa ní kí n fún yín."

Mo ní, "Tíṣà yín wo?"

Ó ní, "Bùrọ̀dá Ìsìákà ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní tí a bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù, Tíṣà ni kí n máa pè wọ́n."

Nítorí náà, bí o ṣe fi lẹ́tà pè mí, lẹ́tà ni mo fi ń dáhùn. Yóò gùn díẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá Tíṣà sọ, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ọmọ mi sọ, n kò sì fẹ́ kọ ìwé méjì sí ojúlé kan.

Jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà rẹ ṣe bá wa. Ilé ẹ̀rọ kún, ìyẹ̀fun wà ní gbogbo ara mi, mo sì ń lọ àgbàdo Ìyá Ràfíù, ìyá ológì ẹ̀yìn ilé wa, lọ́wọ́. Bí Ìyá Ràfíù ṣe rí àpòòwé, ó ní kí n kà á sókè kí gbogbo wa lè mọ̀ bóyá ìròyìn ayọ̀ ni. Èmi òmùgọ̀ náà sì kà á sókè. Mo kà pé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi kò dára rárá, pé ó ń burú sí i láti ìgbà tí tááàmù ti bẹ̀rẹ̀, pé o fura pé eré ló ń ṣe nílé, àti pé bí àtúnṣe kò bá sí, yóò tún ìwé karùn-ún kà. Gbogbo ilé ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹnjìnnì pàápàá kú, ṣùgbọ́n díísù ló tán nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo mú lẹ́tà náà wọlé, ìyá rẹ kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo ìbuwọ́lù rẹ, ó wo òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Ṣé ọmọ mi ló kọ èyí? Ẹ wo bí ó ṣe ká lẹ́tà kọ̀ọ̀kan róbótó." Ó ti ń wá ibi tí yóò gbé e kọ́ sí lára ògiri kí n tó ka apá ti Súwébátù fún un. Ló bá jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Bí ó ṣe ń sunkún náà ló ṣì di lẹ́tà yẹn mú, tí kò jẹ́ kí omijé kán sí i.

Èmi kò sunkún, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, àyà mi já. Ìwọ náà mọ ọmọ yìí. Kí ó tó wọ ilé ìwé rárá ló ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò símẹ́ńtì àti ara ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí. Mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé èyí ni yóò kàwé jù nínú gbogbo yín. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sí ìwé karùn-ún nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sí ìkẹfà, tí àwọn àbúrò ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá bá a nínú kíláàsì, n kò lè rò ó dópin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá ojú ń dùn ún ni, tàbí ẹnì kan ti ba ọpọlọ ọmọ mi jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo pe òun fúnra rẹ̀, mo ní kí ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ àṣetiléwá ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Má rẹ́rìn-ín mi. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ohun tí ẹ fi ń dá àwọn ọmọ dúró sójú kan ni, kí wọ́n má bàa máa sá kiri àdúgbò. Ó ní rárá. Ó ní kí ẹ tó ṣíwọ́ ni o máa ń kọ ìbéèrè sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ sínú ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n á ṣe é nílé, òbí á yẹ̀ ẹ́ wò, á buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Láàárọ̀, olórí kíláàsì á gbà á kí ẹ tó tò, ìwọ á fi báírò pupa máàkì rẹ̀, wọ́n á sì ṣàtúnṣe èyí tí wọn kò gbà. Máàkì yẹn á lọ bá ti ìdánwò kéékèèké, àpapọ̀ rẹ̀ á lọ bá ti ìdánwò ìparí tááàmù. Mo ní, "Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ bá bàjẹ́, bí ó gba gbogbo ti ìdánwò, ihò ti wà nínú àpò rẹ̀." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò sí ihò kankan nínú àpò tirẹ̀.

Mo ní kí ó gbé ìwé náà wá. Àkànní, mo rí ohun tí ojú rẹ ti rí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ sọ pé obìnrin kan ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò gàrí, ó ta ìlàjì àpò, ìdá mélòó ló kù? Súwébátù kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé kò ku nǹkan kan, obìnrin náà ti fi èyí tó kù ṣe èènì. Ìbéèrè kejì sọ pé àgbẹ̀ kan ní oko tó gùn ní ọgbọ̀n mítà, tó fẹ̀ ní ogún mítà, ó fẹ́ ta wáyà yí i ká, báwo ni wáyà náà ṣe máa gùn tó? Ó kọ àádọ́rin mítà, ó sì ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ gígùn kan bá oko àna àgbẹ̀ náà pààlà. Ìbéèrè kẹta ní kí ó dárúkọ ohun mẹ́ta tí a ti ń rí agbára tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́. Ó kọ díísù, ó kọ apá ẹni tó ń yí ẹnjìnnì, ó kọ ẹ̀kọ tí ẹni náà mu láàárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyẹn ni o ti fi báírò pupa kọ "Rọ́bíìṣì", o sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ débi pé ìwé náà fẹ́ ya.

Mo jókòó ti "Rọ́bíìṣì" yẹn fún ìgbà pípẹ́. Màá padà sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dúró ti ẹnu ẹ̀rọ, èmi fa àpótí sún mọ́ bẹ́ńṣì tí Súwébátù ti ń kọ̀wé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tún bẹ́líìtì ṣe. O mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí wọ́n ti kórè àgbàdo báyìí. Gbogbo ènìyàn ń dúró de kó kàn wọ́n, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ náà ṣí ìwé. Kò tíì kọ ọjọ́ òní tán tí Ìyá Ràfíù ti jókòó tì í.

"Àbẹ̀kẹ́," oríkì àbúrò rẹ ló fi pè é, "kí lẹ ń kọ lónìí?"

Súwébátù ka ìbéèrè náà lédè Òyìnbó, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un lédè wa láìkọsẹ̀. Ó dá lórí ìyá kan tó pín ọsàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́gbọọgba, mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ní?

Ìyá Ràfíù ní, "Lọ́gbọọgba báwo? Ṣé kò sí àgbà nínú wọn ni? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbà á kọ́kọ́ mú tirẹ̀."

Àbúrò rẹ ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì kọ ọ́.

Bàbá Sáídì, àgbẹ̀ tó ní oko lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, gbọ́ ọ láti ibi tí ó ti ń di àpò rẹ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó ní bí ọsàn bá ṣẹ́ kù ńkọ́, tí ìyá ọkọ obìnrin náà bá wà nílé? Súwébátù pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ ti Bàbá Sáídì. Ìyá Ràfíù ní ta ló ní kí ó pa ti òun rẹ́? Ó tún un kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo ojú ọmọ náà. Kò bínú, kò dàrú, ó kàn ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí akọ̀wé kóòtù.

Ìgbà yẹn ni mo mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọ. Bàbá Sáídì lo fún ní òdo lórí ọ̀rọ̀ wáyà. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun dúró lórí ọ̀rọ̀ òun, ó ní, "Bàbá Ìsìákà, ṣé ẹ̀yin lè ta wáyà dojú kọ oko àna yín? Kí wọ́n wá ní ẹ fura sí wọn?" Àti díísù, apá ẹni, pẹ̀lú ẹ̀kọ, èmi ni. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo ń kọjá lọ bu díísù, ó béèrè, mo dáhùn láìdúró, mo sì ń yangàn nínú ara mi pé mo ti ran ọmọ mi lọ́wọ́. Nísàlẹ̀ ìwé kan náà ni mo buwọ́ lù, láìkà á, pẹ̀lú ìka tó kún fún ìyẹ̀fun. Bàbá rẹ lo kọ "Rọ́bíìṣì" sí, Tíṣà.

Mo ṣì rò pé ẹ̀kọ wà lára agbára. Gbìyànjú kí o yí ẹnjìnnì yẹn láìjẹun, kí o wá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n Súwébátù ti ṣàlàyé fún mi pé oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi tó ń ṣàn lo ti kọ́ wọn, ohun tí o kọ́ wọn lo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yé wọn. Mo gbà.

Nígbà tí àwọn oníbàárà ti lọ, mo pè é. Mo bi í pé ìyá onígàrí ọjọ́sí, ìdá mélòó ló kù nínú àpò rẹ̀ gan-an?

Ó ní, "Ìdá kan nínú mẹ́rin ni, Bàbá. Ìlàjì yẹn, èèyàn á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìdá méjì nínú mẹ́rin kí ìsàlẹ̀ wọn lè bára mu, á wá yọ méjì kúrò nínú mẹ́ta."

"Oko tí wọ́n fẹ́ ta wáyà yí ká ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún mítà. Ọgbọ̀n méjì, ogún méjì, kí èèyàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Mo ní, "Ta ló wá ní kí o má kọ ọ́?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní tí àgbàlagbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n má máa jà wọ́n níyàn. Ẹ ní kí n máa sọ pé ẹ ṣé. Tí mo bá wá sọ pé ẹ ṣé, tí n kò kọ ọ́, wọ́n ń wò mí lójú, Bàbá."

Gbogbo bí mo ṣe kọ́ ọmọ yẹn ló ṣe ṣe é, ẹ̀kọ́ mi yẹn náà ló sì fẹ́ mú un tún kíláàsì kà. Mo wá bi í pé, nígbà tó wà ní ìwé kẹrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dára, ṣé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò sí ní ilé ẹ̀rọ ni?

Ó ní, "Wọ́n wà. Bùrọ̀dá Ìsìákà ló máa ń jókòó tì mí nígbà yẹn. Tí wọ́n bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bùrọ̀dá á ní, 'Ẹ ṣé, mà, ó ti yé wa,' wọ́n á sì fi wá sílẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún un nílé ìwé?"

Ó ní, "Tíṣà ti ní àwọn kì í ṣe bùrọ̀dá mi mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún."

Àkànní, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. N kò fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ bò ó. Mo ń lọ síwájú nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n má ṣe fò ó kọjá.

Wàyí o, mo ní ìmọ̀ràn fún ọ. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní ìmọ̀ràn, mo sì ti ń wá àyè rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ wá sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Àkọ́kọ́, kí o tó kọ̀wé sí òbí, bi ọmọ náà léèrè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, mo sì tú u palẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, gbogbo irin inú rẹ̀, mo tò wọ́n sórí ẹní. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ dé, ó ṣí ojú táńkì, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Ṣé o da díísù sí i?" Títí di òní, bí ẹ̀rọ bá ti kú, táńkì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìwọ ní ìwé iṣẹ́ kíláàsì ọmọ náà lọ́wọ́. O rí i pé ohun tó ń ṣe lójú rẹ ń dára, èyí tó ń gbé wá láti ilé ló ń bàjẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ fún ọ pé ilé ni wàhálà wà, kì í ṣe orí ọmọ. Tí o bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tí o ní, "Ṣe èyí níbí kí n rí i," kò ní pẹ́ tí wàá fi mọ̀.

Èkejì, má ṣe kọ "Rọ́bíìṣì" sínú ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Fi àmì sí i pé kò gbà á, kí o kọ bí ó ṣe yẹ kó rí. O kò mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń san owó ilé ìwé rẹ nígbà kan rí.

Ẹ̀kẹta, jẹun láàárọ̀ kí o tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ìyẹn. Ó ní o ti rù, àti pé ẹni tó ń gbé yàrá kan nítòsí ilé ìwé tí kò ní ìyàwó kò gbọ́dọ̀ máa fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ alẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, ó ní púpọ̀ tó fẹ́ kí n kọ, mo ní ìwé kò ní gbà á.

Ó tún ku èyí, n kò rántí iye tí mo ti kà dé. Má rò pé mo ń bá ọ wí nítorí pé o kọ lẹ́tà náà. Ó dára tí o kọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí yòókù á máa wo bóyá wàá fi máàkì ta àbúrò rẹ lọ́rẹ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín náà á máa wò ó. O kọ̀wé sí gbogbo òbí tí iṣẹ́ ọmọ wọn kò dára, o kò sì yọ tèmi sílẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ lọ. Bí o bá ti fi òdo sílẹ̀ kí o kọ mẹ́wàá sí i nítorí pé ìyá kan náà ló bí yín, ojú ì bá tì mí.

Ó wá ku bí a ṣe fẹ́ tún un ṣe. N kò lè lé àwọn oníbàárà. N kò sì lè sọ fún Ìyá Ràfíù pé kó panu mọ́. Ìwọ náà mọ Ìyá Ràfíù. Mo kọ́kọ́ lẹ bébà mọ́ ògiri pé kí wọ́n má ṣe bá ọmọ tó ń kọ̀wé sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ń pe Súwébátù kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ pé kó wá ka ohun tó wà lára bébà náà fún àwọn. Mo wá gbé e lọ sílé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ìbéèrè ọjọ́ náà ní kí wọ́n dárúkọ ohun tó wà nínú igbó tí a ń lò nílé. Nígbà tí mo fi máa dé, ìyá mi ti dárúkọ gbogbo igi tó wà láti ibí títí dé Ìgbòho, àti ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Súwébátù sì ti kọ ọ́ kún ìwé.

Àfáà Lúkúmánù ló yọ wá. O rántí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ti kọ́ kéú. Ó wá lọ ẹ̀wà ní ọjọ́ kan, ó bá mi nínú ìrònú, mo sì rò ó fún un. Ó ní, "Bàbá Ìsìákà, wàláà kò ha wà nílé yín mọ́?" Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé-kéú kò le rárá. Ọmọ á kọ ẹ̀kọ́ sí ojú wàláà, pátákó igi yẹn, á kà á fún ẹni tó kọ́ ọ, á sì fi omi fọ̀ ọ́ kúrò kí òmíràn lè rí àyè. Kò sí àfáà kankan tó ń bínú pé ọmọ fọ wàláà rẹ̀.

Mo wá wàláà rẹ àtijọ́ rí nínú àjà, èyí tí eku ti jẹ igun rẹ̀. Àfáà ní àwọn ti fọ̀ ọ́ mọ́ tipẹ́, kò sí èèwọ̀ nínú kí a fi ṣe èyí. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ìyá Ràfíù bá ti dáhùn, Súwébátù á fi tàdáwà, yíǹkì ilé-kéú, kọ ọ́ sí wàláà. Bí Bàbá Sáídì bá dáhùn, yóò kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń kà á fún wọn, wọ́n á mi orí, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú wọn á sì dùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé lójú wàláà, gbogbo ènìyàn ló ń rí ọ̀rọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ti gbé ìyẹ̀fun wọn lọ, á bu omi, á fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló máa ń ṣí ìwé rẹ̀, á kọ ohun tó wà ní orí tirẹ̀. Àfáà Lúkúmánù fúnra rẹ̀ ti wá jókòó níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀yà ara tata. Wọ́n fọ tirẹ̀ náà kúrò.

O ti máàkì díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, mo sì rí i pé o fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, bí ẹni pé o kò gbà pé òun ló ṣe é. Òun ni. Ohun tí mo ń bẹ Olùkọ́ Kíláàsì nìyẹn: pe ọmọ náà, kí o fún un ní àwọn ìbéèrè tí kò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ tááàmù, kí ó ṣe wọ́n lójú rẹ, láìsí èmi, láìsí Ìyá Ràfíù. Bí kò bá gbà wọ́n, kí ó tún kíláàsì kà, n kò ní bá ọ jà. Máàkì àtẹ̀yìnwá, jẹ́ kí ọ̀gá yín sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Má fi nǹkan kan kún un nítorí mi.

Ìyẹn ti Tíṣà. Èyí tó kù, ọmọ mi ni mo ń bá sọ ọ́.

Bẹ́ńṣì yẹn ṣì wà níbi tí ó wà. Bí o bá wà nínú kíláàsì, jẹ́ Tíṣà fún un, kódà kí o le mọ́ ọn ju àwọn yòókù lọ bí o bá rò pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ilé yìí ní Jímọ̀, bọ́ Tíṣà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí o ń bọ́ bàtà sí, kí o tó wọlé. Wàá bá a níbẹ̀ nígbà tí o bá ń padà lọ, kò sí ẹni tó máa gbé e. Jókòó ti àbúrò rẹ díẹ̀. Má sọ ìdáhùn kankan fún un, ó mọ̀ wọ́n. Ṣáà jókòó tì í, kí o sì sọ fún un pé bùrọ̀dá rẹ̀ ni ọ́.

Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé Tíṣà ni kí òun fún tàbí bùrọ̀dá, mo ní kí ó bi ọ́, ohunkóhun tí o bá sọ ni kí ó ṣe. Ó ti dúró síwájú rẹ báyìí, àbí? Dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá Súwébátù, àti bàbá Tíṣà rẹ̀.

Mo fọwọ́ kí n tó buwọ́ lù ú. Mo sì kà á.